Létà Gbèsè Tí Kò Bẹ̀bẹ̀, Tí Kò sì Búni

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó yá èèyàn lówó ni, tí ọjọ́ àtisan ti kọjá, tó wá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún lórí fóònù. Báwo ló ṣe máa kọ ọ́ tí ẹni tó jẹ gbèsè á fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, tí kò sì ní di èébú? Àti pé báwo ló ṣe máa sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí owó kò bá dé, tí kò ní dà bí ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀?

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wà nínú ìjọ wa, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ yín. Èmi kọ́ ni alága rẹ̀, n kì í sì í dá sí ẹni tí wọ́n yá lówó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ìjà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá yìí. Mi ò fẹ́ bú wọn, ṣùgbọ́n ó ti sú mi."

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ arákùnrin kan tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì, tó sì ju Ìyá Ìbejì lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Arákùnrin náà ti fún mi láyè láti sọ ìtàn yìí bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ó yá ₦300,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní oṣù kìíní ọdún náà láti fi ra ẹ̀rọ ìfági àti pákó. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, àpapọ̀ ₦330,000. Oṣù mẹ́wàá ni yóò fi san án, ₦33,000 ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kejì títí dé oṣù kọkànlá. Ó san oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ láìyẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, a ò rí nǹkan kan. Oṣù kẹsàn-án náà dé, a ò rí nǹkan kan, kò sì gbé fóònù mọ́.

Ohun tí Ìyá Ìbejì kọ nìyí. Òun náà ní kí n fi hàn yín:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú o. A mọ̀ pé nǹkan le níta. Ẹ ṣàánú wa, kí ẹ bá wa san owó tí ẹ jẹ, ₦132,000. Bí ẹ ò bá san án láìpẹ́, a máa gbé orúkọ yín sórí gúrúùpù Wasáàpù ìjọ, a ó sì pe ọlọ́pàá. Bíbélì ní èèyàn búburú ni ẹni tó bá yá owó tí kò san án. Ọlọ́run ń wò yín o."

Ṣé ẹ rí létà yìí? Ní òkè, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó mú kùmọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ létà gbèsè tí mo ti rí ló rí báyìí. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú, ojú ló ń tì í láti béèrè owó, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ bo ìtìjú náà. Nígbà tó wá rí i pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kò ní agbára, inú bí i, ó gbé ìhàlẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá ka irú rẹ̀ máa gbọ́ ohùn méjì, kò sì ní mọ èyí tí yóò dáhùn. Ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì ni pé ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dúró ṣinṣin yàtọ̀ sí èébú. A jọ jókòó, a tún un kọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni.

Àkọ́kọ́, a lọ wo iye owó. Létà náà ní ₦132,000. Mo bi í pé, "Báwo lẹ ṣe rí iye yìí?" Ó ní òun yọ ₦198,000 tó ti san kúrò nínú ₦330,000. Ìṣirò náà pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ nìyẹn. Oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá kò tíì dé, kò sì sí ohunkóhun nínú ìwé àdéhùn wọn tó ní kí gbogbo owó tó kù di sísan lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹnì kan bá pa oṣù méjì jẹ. Ohun tó ti kọjá ọjọ́ ni oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, ₦66,000. Ìwé náà tún sọ pé owó ìtanràn ₦1,000 wà lórí oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá pẹ́, ìyẹn ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦68,000.

Ẹ̀yin ará mi, ìdajì ₦132,000 ló fẹ́ẹ̀ jẹ́ yìí. Bí a bá kọ iye tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè lè wo iye náà kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kó ní òun ò lè rí i, kó sì pa fóònù rẹ̀. Tàbí kó rí àṣìṣe inú rẹ̀, kó wá sọ àríyànjiyàn lórí iye di àwáwí. Oṣù kan gbáko lè lọ lórí "èmi kọ́ ni mo jẹ tó bẹ́ẹ̀ yẹn." Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ lọ sídìí ìwé ìṣirò. Ẹ ya owó tó ti kọjá ọjọ́ sọ́tọ̀, ẹ ya owó ìtanràn sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ kedere pé èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kò sí nínú rẹ̀. Kí ẹ tún wò ó dáadáa bóyá ó ti san nǹkan tí ẹ ò tíì kọ sílẹ̀, nítorí létà gbèsè tó bá ẹni tó ti san, ìtìjú ẹni tó kọ ọ́ ni.

Èkejì, a yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò, a sì fi ọ̀wọ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú" ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀. Kí ni ẹgbẹ́ ṣe tí wọ́n fi ń ní kó má bínú? "Ẹ ṣàánú wa" ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọrọ. Owó tí èèyàn fọwọ́ sí pé òun máa san kì í ṣe àánú. Bí a bá tọrọ rẹ̀ bí àánú, a ti sọ fún un pé ó lè yàn láti má ṣe é. "Láìpẹ́" náà kò ní ìtumọ̀. Láìpẹ́ tèmi lè jẹ́ ọ̀la, kí láìpẹ́ tìrẹ jẹ́ ọdún Kérésì.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá. Ìyá Ìbejì kò lè bá ẹni tó jù ú lọ sọ̀rọ̀ gànràn-gànràn. Ìkíni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, "ẹ" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́" kan tàbí méjì náà lè wà níwájú ohun tí a fẹ́ kó ṣe. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san ₦68,000 kó tó di ọjọ́ báyìí" kò dín agbára gbólóhùn náà kù rárá, nítorí pé iye wà níbẹ̀, ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Àwa ń wá obì, àbí kí la fẹ́ fi ọfà ṣe?

Ẹ̀kẹta ló gba àkókò jù, ìyẹn ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá san. Mẹ́ta ni Ìyá Ìbejì kọ: orúkọ lórí gúrúùpù, ọlọ́pàá, àti Ọlọ́run. A gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Ti ọlọ́pàá kọ́kọ́. Òfin Ọlọ́pàá tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe ní 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn tàbí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ti 2015, náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó yá owó nítòótọ́, tó ra ẹ̀rọ tó ní òun fẹ́ rà, tó san oṣù mẹ́fà, tó wá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ alágbádá ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi irọ́ àti ayédèrú ìwé gba owó ni, tàbí ó fún ẹgbẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀kì tó mọ̀ pé owó kò sí nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ìyẹn lè di ti ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí níbí. Nítorí náà, ìhàlẹ̀ tí a ò lè mú ṣẹ ni, àwọn tó ń jẹ gbèsè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju àwa lọ.

Ti orúkọ lórí gúrúùpù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín ló ti gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yánilówó lórí fóònù. Aládùúgbò yín yá ₦15,000, wọ́n sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pé olè ni. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Láyé àwọn bàbá wa, ológò wà. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Olówó á rán ológò sí ilé ẹni tó jẹ gbèsè, á jókòó tì wọ́n, á máa bú wọn, á máa mú ohun tó bá rí nínú ọgbà, títí ará ilé á fi dá owó jọ. Ìtìjú ni irinṣẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù yìí ni ológò òde òní, àmọ́ òfin ti dé sí i. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kò gbà kí a mú ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn lọ máa pín káàkiri bó ṣe wù wá. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà náà ti ń bá àwọn ayánilówó orí fóònù fà á láti 2022 nítorí irú ìwà yìí.

Fún àwa tí a ń ka Bíbélì, ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà ju òfin Nàìjíríà lọ. Ẹ ka Diutarónómì 24, ẹsẹ 10 àti 11. Mósè ní bí o bá yá ọmọnìkejì rẹ ní nǹkan, tí o fẹ́ gba ohun ìdógò, má wọ inú ilé rẹ̀ lọ mú un. Dúró síta, kí òun fúnra rẹ̀ gbé e jáde fún ọ. Ẹ wo bó ṣe rí. Kò ní kí o má gba ohun ìdógò. Ẹ̀tọ́ olówó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ olówó ti dúró, ojú kò gbọ́dọ̀ ti onílé níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé létà wa gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gúrúùpù ìjọ ni yàrá inú lọ́hùn-ún.

Ó wá ku ti Bíbélì àti Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé Sáàmù 37 sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yá tí kò san. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá arákùnrin yìí kò fẹ́ san ni àbí kò rí i san. Létà ẹgbẹ́ kọ́ ni ibi tí a ti ń dá ẹjọ́ ọkàn. Síwájú sí i, bí akọ̀wé bá fi Ọlọ́run dẹ́rù ba èèyàn nítorí ₦68,000, ọjọ́ tí mo bá dúró lórí pẹpẹ tí mo ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, owó ẹgbẹ́ ni arákùnrin yẹn máa gbọ́ létí. A yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì wá ní, "Dádì, ẹ ti yọ gbogbo rẹ̀ tán. Kí ló kù tí a máa fi dẹ́rù bà wọ́n?" Mo ní kó lọ mú ìwé tí arákùnrin náà fọwọ́ sí wá. Ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ojú wa ti fò. Bí ẹnì kan bá pa oṣù méjì jẹ, tí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i, tí ọjọ́ mẹ́rìnlá sì kọjá, ìgbìmọ̀ lè yọ owó náà nínú owó ìfipamọ́ rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n lè béèrè ìyókù lọ́wọ́ àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Onítọ̀hún kò sì ní lè yá owó mọ́ fún oṣù méjìlá. Owó ìfipamọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Ẹ ò rí i pé ó ti pé? Bí wọ́n bá yọ ₦50,000, ₦18,000 ló kù tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ onídùúró.

Èyí ni ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ohun tí ẹ máa kọ sínú létà gẹ́gẹ́ bí àbájáde gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn, ó gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ yín láti ṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pinnu pé ẹ máa ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bí ẹ bá kọ ohun tí ẹ ò ní ṣe, ọjọ́ náà á kọjá, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, létà tí ẹ bá kọ lẹ́yìn ìyẹn sì ti di ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àkókò tí ọkọ̀ máa gbéra. Awakọ̀ kò bínú sí yín, ó kàn ń sọ fún yín pé aago méje ni òun ń lọ.

Ẹ̀kẹrin, a ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí kò lè san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lè ṣe yàtọ̀ sí sísá. Kí ló máa ṣe, ta ló máa pè, ìgbà wo ló máa pè é dà? Bí létà kò bá ní ilẹ̀kùn, àwọn tó fẹ́ san díẹ̀ náà á pa fóònù, nítorí wọ́n rò pé díẹ̀ kò wúlò.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, nìyí:

"Ẹ káàsán sà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ló ń kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

Owó oṣù kẹjọ (₦33,000) àti ti oṣù kẹsàn-án (₦33,000) kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Owó ìtanràn lórí oṣù méjèèjì jẹ́ ₦2,000. Àpapọ̀ ohun tó ti kọjá ọjọ́ jẹ́ ₦68,000. Owó oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá kò sí nínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ wọn kò tíì pé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san ₦68,000 sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án.

Bí owó náà kò bá wọlé títí di ìgbà náà, tí ẹ kò sì tíì bá wa ṣe àdéhùn mìíràn, ohun tí ìgbìmọ̀ máa ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nìyí: wọ́n máa yọ ₦50,000 tó wà nínú owó ìfipamọ́ yín, wọ́n máa béèrè ₦18,000 tó kù lọ́wọ́ àwọn onídùúró yín méjèèjì, ẹ kò sì ní lè yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún oṣù méjìlá.

Bí ẹ kò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè mí lórí nọ́ńbà yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè mú wá àti ọjọ́ tí ẹ máa mú un wá. Bí ẹ bá ti san án, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè tún ìwé wa ṣe. Ẹ ṣeun sà."

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn àkọ́kọ́. Kò sí "gbèsè" níbẹ̀, kò sí iye owó níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń yọ lójú fóònù kí ẹni tó ni ín tó ṣí i. Ọmọ lè máa fi fóònù bàbá rẹ̀ ṣeré, oníbàárà lè dúró tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbẹ̀rẹ̀ létà ni wọ́n máa rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ ìkíni. Ọ̀sán la sì fi ránṣẹ́, kì í ṣe aago márùn-ún ìdájí, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó ń múra bọ̀ wá sílé Ọlọ́run. Nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan la fi ránṣẹ́ sí, a ò gba ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Àkápò ẹgbẹ́ kò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Dádì, létà yìí ti rọ̀ jù. Ẹni tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, ṣé ti owó ìfipamọ́ ló máa wá bẹ̀rù?" Mo ní ọlọ́pàá tí kò ní wá kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, ṣùgbọ́n ₦50,000 tó máa kúrò ní ọjọ́ 30, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ tún sọ òdìkejì, ó ní ará nínú Olúwa ni, kò yẹ kí a máa dárúkọ onídùúró sí i létí. Mo rán wọn létí pé àwọn onídùúró náà jẹ́ ará nínú Olúwa, owó opó sì wà nínú owó tí a kó jọ yá a. Lefítíkù 19 ní kí á bá ọmọnìkejì wa wí tààrà, kí á má di kùnrùngbùn sínú. Nínú Mátíù 18 náà, Jésù tò ó ní ipele: ìwọ àti òun nìkan, lẹ́yìn náà ẹni kan tàbí méjì sí i, kó tó di ìjọ. Létà yìí ni ipele àkọ́kọ́. Onídùúró ni ìkejì. A kò tíì dé ìjọ rárá.

Ní ọjọ́ kẹta, ó pè. Oníbàárà kan gba odindi àga pálọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì san owó. Ojú ló ń tì í tó fi ń pa fóònù. Ó ní òun lè san ₦35,000 ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, kí òun san ₦33,000 tó kù ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá. Ìgbìmọ̀ gbà á, wọ́n sì sún owó oṣù kẹwàá àti kọkànlá síwájú ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹsẹ̀, Ìyá Ìbejì kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí i, iye àti ọjọ́, pé bí àdéhùn tuntun yìí bá tún yẹ̀, ti ìwé àkọ́kọ́ ló kù. Owó àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ rẹ̀. Èkejì pẹ́ ní ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ó ti pè ṣáájú láti sọ ọ́. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé létà náà ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n náà. Bí èsì tí ẹ gbà bá jẹ́ "ẹ má bínú, mo ń bọ̀", létà kò tíì ṣiṣẹ́. Bí èsì bá mú iye àti ọjọ́ dání, ó ti ṣiṣẹ́, bí iye náà tilẹ̀ kéré. Bí èyí àkọ́kọ́ bá dé, ẹ kọ gbólóhùn kan padà: "Ẹ ṣeun sà. Èló ni, ọjọ́ wo sì ni?"

Ó níbi tí létà mọ o. Ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tó wà lórí ibùsùn àìsàn, létà kò lè mú owó tí kò sí jáde. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ wò ó, kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹni tó sì ní owó tó kọ̀ jálẹ̀, kóòtù wà fún un. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti 2018, kóòtù kan wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa béèrè lọ́wọ́ yín níbẹ̀ ni létà tí ẹ kọ sí i láti béèrè owó yín. Bí ẹ bá lọ gbé létà àkọ́kọ́ yẹn síwájú adájọ́, pẹ̀lú ọlọ́pàá àti gúrúùpù Wasáàpù nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni ojú máa tì. Èyí tí a tún kọ yẹn, ẹ lè kà á sókè níwájú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ọjà tí ẹ ń tajà àwìn, kí ẹ tó tẹ ohun tó ń rán ọ̀rọ̀ lọ, ẹ kà á bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣé iye rẹ̀ pé? Ṣé ọjọ́ wà níbẹ̀? Ṣé ohun tí ẹ ní ẹ máa ṣe, ẹ máa ṣe é? Ṣé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀? Ẹ̀yin tí létà bá sì dé sí lọ́wọ́, ẹ gbé fóònù yẹn.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a yá owó tí a ò ní rí san, kò sì ní jẹ́ kí a yáni ní owó tó máa sọ wá di ológò. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ní ìjọ tàbí ní àdúgbò yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé wọn. Ó dọjọ́ Ìsinmi o.